Yẹtí fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba níkẹ́ẹ̀lì: irin wo ló ń gba inú ihò kọjá?

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Yẹtí tuntun ló fi sétí, aláwọ̀ wúrà, tó ń fì dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n wé gèlè bo òkè etí rẹ̀, oòrùn mú, òógùn ń ṣàn, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ṣe é títí òde fi tú. Ọjọ́ Ajé ni etí bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìsàlẹ̀ etí méjèèjì ti wú, wọ́n pọ́n, omi tó mọ́ gaara ń sun jáde lójú ihò, ó sì ń gbẹ di èépá.

"Àǹtí, ó jọ pé kòkòrò ló jẹ mí lójú oorun."

Kòkòrò wo ló máa jẹ etí ọ̀tún àti etí òsì lójú ihò kan náà? Mo ní kó mú yẹtí náà wá pẹ̀lú páálí tí wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sí i lára, háípò-alẹ́jẹ́níìkì, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan kì í sábà bá ara jà. Ọlọ́jà náà ti fi dá a lójú pé wúrà ni, pé kò lè yún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ sì ti ń lo yẹtí láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ní yẹtí kọ́ ló fà á.

Mo ń to ìlẹ̀kẹ̀, mo sì ń ṣe yẹtí tà, nítorí náà irú ìjíròrò báyìí kì í ṣe tuntun sí mi. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti gbà pé "etí òun kò gba yẹtí," tí wọ́n sì ti pa ihò etí wọn tì. Lọ́pọ̀ ìgbà, irin kan ṣoṣo ni etí wọn kò gbà.

Kí ni níkẹ́ẹ̀lì, kí ló sì ń ṣe nínú yẹtí?

Níkẹ́ẹ̀lì jẹ́ irin funfun tó le, tó ń dán bíi fàdákà, tí kì í tètè dípẹtà, tí owó rẹ̀ kò sì tó ti fàdákà rárá. Àwọn tó ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ olówó pọ́ọ́kú fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń mú kí nǹkan le, kí ó sì dán. Wọ́n lè pò ó mọ́ irin mìíràn, wọ́n sì lè fi tẹ́ abẹ́ kí wọ́n tó fi omi wúrà bo òkè. Kì í ṣe inú yẹtí nìkan ló wà. Ó wà lára bọ́tìnnì ṣòkòtò jíǹsì, lára ìdè bẹ́líìtì, lára síìpù àti kọ́kọ́rọ́.

Alẹ́jì ni kí ara máa bá ohun tí kò lè ṣe é ní jàǹbá jà bí ẹni pé ọ̀tá ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan tó dé fìlà pupa lu máígáàdì kan ní jìbìtì rí. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹni tó bá dé fìlà pupa ni máígáàdì yìí ń lé, títí kan àlejò ire. Fìlà pupa ni níkẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀jẹ̀ wa ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń rántí ohun tí wọ́n bá ti kà sí ọ̀tá, wọn kì í sì í gbàgbé. Títí di òní, kò sí oògùn tó ń pa ìrántí náà rẹ́. Ohun tó kù ni pé kí irin náà má kan awọ.

Etí ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Awọ ara jẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n ihò etí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lu jẹ́ egbò. Irin tí a bá tì bọ inú rẹ̀ ń kan ẹran ara ní tààrà, omi ara ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lára irin náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń wò ó. Nílẹ̀ wa tí a ti ń lu etí ọmọbìnrin ní kékeré, ọ̀pá tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí ihò náà ṣe pàtàkì ju gbogbo yẹtí tí yóò lò lẹ́yìn náà lọ. Ó ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ìsàlẹ̀ etí tó jiná, ojoojúmọ́ sì ni irin náà ń wà níbẹ̀.

Èyí ló dáhùn ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé òun ti ń lo yẹtí tipẹ́. Ara kì í kọ níkẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó lè fara dà á fún ọdún púpọ̀ kí ó tó wá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, láti ọjọ́ náà ni kò sì ní gbà á mọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ Ajé ni etí yún, tí kì í ṣe Sátidé?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Gbogbo wa la mọ ẹnì kan tó jẹ edé, tí ètè rẹ̀ sì wú kí ó tó jẹun tán. Nítorí náà, a rò pé bí alẹ́jì gbogbo ṣe ń ṣe nìyẹn. Ti níkẹ́ẹ̀lì kì í yára bẹ́ẹ̀. Máígáàdì tiwa yìí kì í dá ìjà jà. Ó ní láti lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò tó jìnnà, kí wọ́n tó dé, ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá. Ẹni tó fi yẹtí sétí ní Sátidé yóò máa yún etí lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí yẹtí ti wà nínú àpótí, oúnjẹ òde tàbí ọṣẹ tuntun ni yóò sì dá lẹ́bi.

Òógùn ló tún bá ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Iyọ̀ tó wà nínú òógùn ń yọ níkẹ́ẹ̀lì jáde lára irin. Yẹtí tí èèyàn fi sétí fún wákàtí méjì nínú ọ́fíìsì tútù, tí kò ṣe é ní nǹkan, lè bá a jà gan-an bí ó bá wà lábẹ́ gèlè láti òwúrọ̀ di alẹ́ nínú ooru.

Báwo lèèyàn ṣe lè fura pé níkẹ́ẹ̀lì ni, tí kì í ṣe làpálàpá tàbí kúrúnà? Ẹ wo ibi tó wà. Ti níkẹ́ẹ̀lì máa ń wà níbi tí irin ti kan ara, kì í sì í sábà kọjá ibẹ̀ jìnnà: ojú ihò etí, ẹ̀yìn ọrùn níbi tí ìkọ́ ẹ̀gbà ọrùn wà, ọrùn ọwọ́ lábẹ́ aago. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi bóyá ara ń yún wọn nísàlẹ̀ ìdodo, níbi tí bọ́tìnnì jíǹsì ń kàn. Bí wọ́n bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú, kó lọ rí dókítà awọ ara. Wọn yóò lẹ níkẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n pò mọ́ ìpara mọ́ ọn lẹ́yìn fún ọjọ́ méjì, wọn yóò ṣí i wò, wọn yóò sì tún yẹ ibẹ̀ wò lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì mìíràn, nítorí ìjà náà kì í tètè bẹ̀rẹ̀. Kí ó má fi ìpara tó lágbára pa ẹ̀yìn kó tó lọ. Ó lè mú kí ibẹ̀ dákẹ́, kí àyẹ̀wò sì parọ́.

Kí ni àwọn ohun tí wọ́n kọ sára yẹtí ń sọ?

Háípò-alẹ́jẹ́níìkì kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ni, kì í ṣe orúkọ irin, ẹnikẹ́ni sì lè tẹ̀ ẹ́ sára páálí. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ọlọ́jà ni pé: irin wo ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá tó ń wọ inú ihò? Bí kò bá lè dárúkọ irin náà, ẹ máa bá tiyín lọ.

Lára yẹtí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n tẹ "18K GP". Ọlọ́jà ka 18K fún un, kò ka GP. Lẹ́tà méjì yẹn ló sì gbé òótọ́ ọ̀rọ̀ náà dání: irin mìíràn ni yẹtí náà, omi wúrà ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n tún lè kọ HGE sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀.

Omi wúrà fúnra rẹ̀ kì í bá ara jà. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ìṣòro. Bí kunlékunlé kì í ṣe da ọ̀dà olówó iyebíye lé símẹ́ńtì lórí láìkọ́kọ́ fi nǹkan tẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń fi wúrà bo idẹ. Bí wọ́n bá da omi wúrà lé idẹ ní tààrà, bàbà inú idẹ yóò máa là á kọjá, yóò sì mú un dúdú. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ níkẹ́ẹ̀lì sáàárín. Wúrà tó wà lókè sì fẹ́lẹ́ púpọ̀, bí ẹ ti ń ti ọ̀pá yẹtí bọ ihò, tí ẹ ń fà á yọ, ó ń bó. Kí ẹ tó fi ojú rí i pé ó bó, níkẹ́ẹ̀lì ti ń kan ara.

Wúrà gidi ńkọ́? Wúrà 18K gidi, tí wọ́n sábà máa ń tẹ 750 sí lára, jẹ́ ìdá 75 nínú 100 wúrà. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò, fàdákà àti bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù, ó sì dára fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní alẹ́jì yìí. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sílẹ̀, 585 tàbí 375, ni àyè tó wà fún irin mìíràn ń pọ̀ sí i. Wúrà funfun ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí pé níkẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tí wọ́n ń lò láti sọ ọ́ di funfun.

Fàdákà tí wọ́n tẹ 925 sí lára jẹ́ ìdá 92.5 nínú 100 fàdákà, bàbà ló sì sábà máa ń jẹ́ ìyókù. Ó dára, bí ọ̀pá rẹ̀ náà bá jẹ́ fàdákà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní "fàdákà Jámánì" ni òun ń tà, ẹ sá fún un. Kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀. Bàbà, síńkì àti níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n pò pọ̀.

Sitéńlẹ́ẹ̀sì tí kì í ṣá ńkọ́?

Èyí ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà báyìí. Wọ́n á ní kì í ṣá, ẹ lè fi wẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìṣá kò túmọ̀ sí pé kò ní níkẹ́ẹ̀lì. Nínú sitéńlẹ́ẹ̀sì 316L, èyí tí wọ́n ń pè ní irin oníṣẹ́ abẹ, níkẹ́ẹ̀lì ń kó ìdá 10 sí 14 nínú 100.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní alẹ́jì níkẹ́ẹ̀lì ń lò ó láìsí wàhálà. Ìdí ni pé ata tó wà nínú ike tí a dé pa kì í ta ojú. Kùrómíọ̀mù inú sitéńlẹ́ẹ̀sì ń ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo irin náà, awọ yìí sì ń há níkẹ́ẹ̀lì mọ́ inú. Kì í ṣe iye tó wà nínú irin ló ń yún etí, iye tó ń jáde ni.

Bí òfin Yúróòpù náà ṣe wò ó nìyẹn. Láti 1994 ni wọ́n ti ṣòfin lórí níkẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Lónìí, ohun tó bá ń wọ inú ihò tí a lu sí ara kò gbọ̀dọ̀ tú ju 0.2 máíkírógíráàmù níkẹ́ẹ̀lì jáde lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti ohun tó kàn ń fara kan awọ, bí aago àti ẹ̀gbà, jẹ́ 0.5. Ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Máíkírógíráàmù kan ni ẹyọ kan nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe òfin ihò etí le ju ti awọ lọ nítorí pé kò sí ògiri níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi lórí sitéńlẹ́ẹ̀sì kò gùn. Ẹni tí etí rẹ̀ ti jiná, tí alẹ́jì rẹ̀ kò sì le, lè dán an wò. Ẹni tí etí rẹ̀ ń sun omi, tàbí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu etí fún, kó má ṣe lò ó.

Irin wo ni ọkàn lè balẹ̀ sí?

Taitániọ̀mù ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Irin eérú tó fúyẹ́ ni, òun ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń fi to eegun. Bí ẹ bá ń rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "ASTM F136" sí; orúkọ ìlànà fún taitániọ̀mù tí wọ́n ń fi sínú ara nìyẹn. Naióbíọ̀mù jẹ́ ìbátan rẹ̀, ó rọ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ṣe ìkọ́ yẹtí. Wọ́n lè fi iná mànàmáná yí àwọ̀ àwọn méjèèjì padà sí búlúù tàbí pọ́pù láì kun ọ̀dà kankan lé wọn lórí, nítorí náà kò sí omi irin mìíràn tí yóò bó kúrò.

Ike tí wọ́n ṣe fún ìlò ìṣègùn dára. Gíláàsì náà dára. Àwọn ìyá wa àgbà a máa fi ṣáṣá ìgbálẹ̀ tàbí òwú sí ihò etí ọmọ kí ó má bàa dí. Kò sí níkẹ́ẹ̀lì nínú ìgbálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní fi sí etí tó ti di egbò, nítorí ìdọ̀tí.

Ẹ má gbàgbé ohun tí a fi ń há yẹtí lẹ́yìn etí. Mo ti rí ẹni tó ra ọ̀pá taitániọ̀mù, tó wá lọ fi ìhá yẹtí àtijọ́ dè é lẹ́yìn, tí iwájú etí sì jiná nígbà tí ẹ̀yìn ṣì ń yún. Yẹtí alágekù tí kò nílò ihò náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: irin ló fi ń gé etí mú.

Ṣé òòfà lè sọ fún wa?

Àwọn kan ń mú òòfà lọ sọ́jà. Bí òòfà bá fa ọ̀pá yẹtí, ẹ dá a padà, kì í ṣe taitániọ̀mù, kì í ṣe fàdákà, kì í ṣe wúrà. Ṣùgbọ́n bí kò bá fà á, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan. Fàdákà Jámánì kún fún níkẹ́ẹ̀lì, òòfà kì í sì í fà á. Idẹ tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀ lè ṣàìfà bákan náà, torí níkẹ́ẹ̀lì náà fẹ́lẹ́.

Omi ìdánwò kan wà tó sàn ju òòfà lọ. Daimẹ́tíìlì-gilaiọ́síìmù ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń tà á nínú ìgò kékeré, nígbà mìíràn méjì, tí èkejì rẹ̀ ń rùn bí ìtọ̀. A ó kán an sórí òwú tí a fi ń nu etí, a ó fi ra irin náà fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bí òwú bá di píǹkì, níkẹ́ẹ̀lì ń jáde. Kì í bà irin náà jẹ́. Ó ní ààlà tirẹ̀: òkè nìkan ló ń dán wò, níkẹ́ẹ̀lì tó bá kéré sì lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí a ṣe tún yẹtí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe

Mo kọ́kọ́ fi omi ìdánwò ra ara ewé wúrà tó ń fì nísàlẹ̀. Òwú funfun bí ó ṣe wà. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo mú òwú mìíràn, mo fi ra ọ̀pá. Kí n tó ka ogún, ó ti pọ́n wẹ́wẹ́ bí ètè ọmọ tuntun. Ìhá ẹ̀yìn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá fi fáìlì èékánná ha ẹ̀yìn ewé wúrà náà díẹ̀, mo tún fi omi rà á, píǹkì tún jáde. Níkẹ́ẹ̀lì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lára ọ̀pá ni omi wúrà ti tín-ínrín jù.

Etí la kọ́kọ́ tọ́jú. Ó yọ yẹtí, ó ń fi omi àti ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ ibẹ̀, ó ń fi fasilíìnì pa á. Apòògùn fún un ní ìpara haidirokọ́tísóònù ìdá 1 nínú 100 fún ọjọ́ díẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kan ìpara alápòpọ̀ tí wọ́n ń tà lórí igbá, èyí tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo nǹkan. Ó lè mú ìyún náà lọ lọ́jọ́ méjì, kí ó sì mú awọ etí fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ká ní etí náà ń gbóná, tó ń ro ó ju bó ti ń yún un lọ, tí ọyún sì ń jáde, kòkòrò àrùn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ilé ìwòsàn ni ì bá lọ.

Ó ní òun yóò fi kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ kun ọ̀pá náà, òun rí i lórí fóònù. Kútẹ́ẹ̀sì dára fún ẹ̀yìn bọ́tìnnì jíǹsì, bí èèyàn bá ń tún un kùn lóòrèkóòrè. Lára ọ̀pá yẹtí, ó ń bó nínú ihò, ẹni tó ni etí kò sì ní mọ ọjọ́ tó bó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí etí ti gbẹ dáadáa, mo fi ẹ̀mú kékeré gé ọ̀pá àtijọ́ kúrò, mo sì fi ewé wúrà náà kọ́ ìkọ́ taitániọ̀mù. Mo yan ìkọ́ tó gùn díẹ̀ kí ewé náà lè rọ̀ kúrò lára ọrùn, nítorí abẹ́ òun náà kò mọ́. Ọ̀nà kan náà ni mo ń gbà ṣe ẹ̀gbà ọrùn fún àwọn tí ara wọn kò gba níkẹ́ẹ̀lì. Iyùn, gíláàsì, igi, kò sí èyí tí níkẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, ìkọ́ ẹ̀yìn ọrùn àti àwọn irin róbótó tí wọ́n ń fi pààlà ìlẹ̀kẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Mo máa ń yọ wọ́n dànù, mo ń fi òwú dídì parí rẹ̀, tàbí kí n ṣe é gùn tó láti gba orí wọlé láìsí ìkọ́ rárá.

Ó tún fi yẹtí náà lọ òde ìsọmọlórúkọ kan ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú gèlè. Mo ní kó má tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ya fọ́tò etí méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n tutù, wọn ò pọ́n.